Fífi Àlejò Hàn Lórí Pèpéle

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Lójú tèmi, kò síbi tí òwe yìí ti bọ́ sí i tó ẹnu ẹni tí wọ́n ní kó wá fi àlejò olùbánisọ̀rọ̀ han àwùjọ. Ìṣẹ́jú kan ni iṣẹ́ rẹ̀, ó pọ̀ jù kó di méjì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn àwọn tó jókòó: kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni yìí la pè láti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wa lónìí? Kó dáhùn rẹ̀, kó pe àlejò, kó sì yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ní Ṣómólú àti Bàrígà níbí, ìpàdé kì í wọ́n wa. Tí kì í bá ṣe ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, á jẹ́ ìpàdé onílé, tàbí ìjọ tó ń ṣe ọjọ́ àwọn ọ̀dọ́, tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń pín ẹ̀bùn. Ibi púpọ̀ ni mo ti rí i tí ẹni tó fẹ́ fi àlejò hàn á yọ ìwé gígùn jáde, á bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí wọ́n bí àlejò, á gba ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá, á ka ìwé ẹ̀rí, á ka oyè, á ka ẹgbẹ́ tó ń ṣe, á ka iye ọmọ. Ẹ máa wo àlejò fúnra rẹ̀ nígbà yẹn. Á ti dìde dé ìdajì, á ti ká apá agbádá rẹ̀ sí èjìká, torí ó rò pé gbólóhùn tó kẹ́yìn ló gbọ́ yẹn. Òǹkàwé á ṣí ojú ewé kejì, àlejò á tún rọra jókòó. Àwọn èèyàn pàápàá á ti ṣí ìwé ètò ọwọ́ wọn, wọ́n á máa fi ìka tọ ìlà tí òǹkàwé dé.

Gbogbo ohun tó ń kà yẹn ti wà nínú ìwé ètò. Ṣómólú ni ibùdó àwọn atẹ̀wé l'Ékòó, kò sí bí ìnáwó ṣe kéré tó tí a kì í rí ẹni bá wa tẹ ìwé ètò rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò àlejò àti ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ lábẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí àlejò jáde ní fásitì á kà á níbẹ̀. Ohun tí ìwé kò lè ṣe ló kù fún ẹnu: ìwé kò mọ irú àwọn tó jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí, kò sì mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ìwọ tí o dìde mú máìkì lo mọ̀ ọ́n.

Ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Òwe yìí ni mo fi ń yan èyí tí a ó mú àti èyí tí a ó fi sílẹ̀ nínú ohun tí àlejò ti gbé ṣe. Bí dókítà bá fẹ́ bá àwọn ìyá ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ lórí ibà, ọdún tó ti ń tọ́jú ọmọdé ló yẹ kí a gbọ́, kí a fi oyè ìdílé rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ níbì kan lè má yẹ níbòmíràn. Ẹ wo ilé-ẹ̀kọ́ girama CMS, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1859, tó sì wà ní Bàrígà báyìí. Bí àlejò tó fẹ́ bá àwọn ọmọ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ nígbà kan rí, gbólóhùn yẹn nìkan wúwo ju ìwé ẹ̀rí mẹ́ta lọ. Àwọn ọmọ náà á gbójú sókè, torí ẹni tó ti jókòó sórí irú àga tí àwọn ń jókòó lé ló fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àwọn ọ̀dọ́ kóra jọ sínú gbọ̀ngàn kan ní Bàrígà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ni bí èèyàn ṣe lè fi iṣẹ́ eré jẹun. Ká ní Segun Adefila ni wọ́n pè, ẹni tó dá ẹgbẹ́ òṣèré Crown Troupe of Africa sílẹ̀. Ohun tí mo máa sọ nìyí:

“Ọ̀pọ̀ yín níbí lẹ mọ ijó, ẹ mọ eré, ṣùgbọ́n tí ẹ bá délé, àwọn òbí yín á ní ṣé ijó lẹ ó máa jẹ ni. Àlejò wa ti ń fi iṣẹ́ dáhùn ìbéèrè yẹn láti ọdún 1996. Ọdún náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèré Crown Troupe of Africa sílẹ̀, Bàrígà wa yìí ni wọ́n sì fi ṣe ilé. Òṣèré ni wọ́n, oníjó ni wọ́n, àwọn náà ló tún ń darí eré. Lónìí, wọ́n fẹ́ sọ fún wa bí èèyàn ṣe ń fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ẹ jẹ́ ká fi àtẹ́wọ́ pàdé wọn: Alàgbà Segun Adefila!”

Ó tán. Ẹ kà á sókè, kò ní tó ìṣẹ́jú kan. Mo fi ọ̀rọ̀ àwọn tó jókòó bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó kan èèyàn ni etí rẹ̀ ń là sí. Ọdún kan péré ni mo dárúkọ, torí òun ló fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lọ́wọ́ àlejò. Bàrígà tí mo dárúkọ ni yóò sọ ọ́ di ará ilé lójú wọn. Mo sọ ohun tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n n kò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Àwọn kan á gbọ́ ìtàn tó dùn lẹ́nu àlejò níbi tí wọ́n ti jọ ń mu omi, wọ́n á wá gbé e sáfẹ́fẹ́ nígbà tí wọ́n ń fi í hàn. Ìtàn tí àlejò fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ẹ ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bákan náà ni kí a má ṣe sọ pé àlejò yóò pa yín lẹ́rìn-ín tàbí pé ẹ kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ẹrù lẹ dì lé e lórí yẹn, àwọn èèyàn á sì jókòó máa wò ó bóyá á lè rù ú.

Nínú àpẹẹrẹ yẹn, mo lo “wọ́n” fún àlejò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àlejò lè kéré sí ẹ lọ́jọ́ orí, ó sì lè jẹ́ pé “ìwọ” lo máa ń pè é nínú ilé, ṣùgbọ́n níwájú àwọn ọmọdé tó fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àgbà ni. Bí o bá pè é ní “ó”, ìwọ lo kọ́kọ́ bù ú kù.

Mo kọ orúkọ Segun Adefila láìsí àmì, bí a ṣe máa ń rí i lára ìwé ìpolówó eré. Ìyẹn tó lójú ìwé, kò tó lẹ́nu. Ẹni tó máa pe orúkọ àlejò gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ni ín, torí àmì ohùn kan tó ṣìnà lè sọ orúkọ di nǹkan mìíràn, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín lórí ọmọlọ́mọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ pe àlejò lórí fóònù ní bí ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀, oyè tó fẹ́ kí wọ́n fi ṣáájú, àti ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n mẹ́nu bà. Alhájì tí ẹ pè ní Ọ̀gbẹ́ni lè fi ẹ̀rín bò ó, àwọn tó bá a wá kò ní gbàgbé. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni àwọn èèyàn kì í bèèrè, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ tí àlejò ti fi sílẹ̀ pẹ̀lú ìjà lẹ fẹ́ máa fi yìn ín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní Yorùbá ni wá, pé a kì í pe èèyàn pàtàkì láìkì í. Òótọ́ ni. Níbi ìgbéyàwó, alága ìdúró lè lo wákàtí kan lórí oríkì, kò sẹ́ni tí yóò bínú, torí yíyìn yẹn gan-an ni a wá ṣe. Níbi àpérò, ọ̀rọ̀ àlejò la wá gbọ́. Bí àlejò bá ní oríkì tí ẹ mọ̀ dájú, ìlà kan tó kí, kó wà ṣáájú orúkọ. Kíkí àwọn lọ́ọ́kọ-lọ́ọ́kọ tó jókòó kò sì sí lára iṣẹ́ yín. Olùdarí ètò ló ni ín. Láti ọdún 2003 tí Bàrígà ti ní àgbègbè ìdàgbàsókè tirẹ̀ lára ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, alága méjì ló lè wà níkàlẹ̀ níbi ìpàdé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọn kó tó fi àlejò hàn lè ṣi ọ̀kan pè, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á sì dúró sí.

Ó ku bí a ṣe ń fa pèpéle lé àlejò lọ́wọ́. Kí ẹ tó dìde rárá, ẹ rí i pé àlejò ti wà lórí àga iwájú. Bó bá jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, àtẹ́wọ́ á ti kú kó tó dé pèpéle, á sì máa fi ẹsẹ̀ rìn nínú ìdákẹ́jẹ́. Orúkọ ni kó kẹ́yìn, kí ohùn yín sì ròkè níbẹ̀, torí òun ni àmì tí àwùjọ fi ń mọ ìgbà tí wọ́n ó pàtẹ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ sábà máa ń dún lẹ́yìn fèrèsé ládùúgbò wa. Bí ẹ bá yíjú sí àlejò kí ẹ tó pe orúkọ tán, ẹnu ti kúrò níwájú máìkì, ìdajì orúkọ á sì sọnù. Ẹ kọjú sí àwùjọ, ẹ pè é tán, kí ẹ tó yíjú sí i. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ẹ má fi máìkì sílẹ̀ kí àlejò tó dé ibẹ̀. Ẹ dúró dè é, ẹ tẹrí ba tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀ bó bá jẹ́ àgbà, ẹ fi máìkì tó ṣì wà ní títàn lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, kí ẹ má gba iwájú. Lẹ́yìn náà, àga iwájú ni kí ẹ jókòó sí, níbi tó ti lè rí yín. Àlejò lójú, kò fi ríran, nínú gbogbo ojú tó wà níbẹ̀, tiyín nìkan ló lè jẹ́ pé ó mọ̀, òun ló sì máa kọ́kọ́ wò láti mọ̀ bóyá ohùn òun ń dé ẹ̀yìn. Bí kò bá dé, ẹ fọwọ́ sí etí kó mọ̀.