Atẹ́gùn Inú Àpò

Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ò ní í bèèrè ìtumọ̀ òwe yìí, nítorí ẹnu ọ̀nà ilé la ń so àgbò mọ́. Ẹ̀yìn tí èmi ní lọ́kàn ni oṣù Agẹmọ, nígbà tí koríko pọ̀, tí èèpo gbágùúdá sì ń jẹrà nídìí àwọn tó ń ṣe gàrí ní Ìkòròdú. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù: èèpo yẹn ni oúnjẹ oṣù Ẹrẹ́nà, bí a bá mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Sísá ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n oòrùn Agẹmọ l'Ékòó kì í dúró. Kí èèpo tó gbẹ, ó ti bu. Ó sàn kí a jẹ́ kó kan nínú àpò, bí ògì ṣe ń kan.

Ìyá kan ládùúgbò wa kọ́kọ́ ṣe é pẹ̀lú ìkánjú. Ó da èèpo tútù sínú àpò ìrẹsì, ó sì so ó. Nígbà tó tú u, ó ti dúdú, ó ń rùn bí ìtọ̀ tó pẹ́ nílẹ̀, àgbò ò sì fẹnu kàn án. "Mo so ẹnu ẹ̀ le o," ló ń sọ. Òótọ́ ni, ó so ó le. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: atẹ́gùn tó bà á jẹ́ ti wà nínú àpò kó tó so ó.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó gé èèpo wẹ́wẹ́, kò gùn ju orí àtàǹpàkò lọ. Ó tẹ́ ẹ síbi tí òjò ò dé fún ọjọ́ kan, kí omi rẹ̀ fà, kí májèlé inú rẹ̀ sì dín kù. Ó wá fọwọ́ fún un: bí omi bá kán, ó ti tutù jù, bó bá tú ká lójú ẹsẹ̀, ó ti gbẹ jù. Nítorí pé èèpo nìkan kì í mú ẹran lára le, ó po kóńgò mẹ́ta rẹ̀ mọ́ kóńgò kan ewé àgúnmániyè. Ó fi ọ̀rá tí kò lu tẹ́ inú àpò, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó da òmíràn lé e. Ibi tẹ́nikẹ́ni ò lè rí yìí ni mo ti mọ ẹni tó mọ iṣẹ́. Ohun tí a ò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́.

Ó so ó, ó fi í sílẹ̀ ju ọjọ́ 21 lọ, ó di oṣù Ọ̀pẹ kó tó tú u. Àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó ń ta sánsán bí omidùn. Ó ń bù ú díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí inú àgbò lè mọ̀ ọ́n, kó tó di kílò kan lójúmọ́, pẹ̀lú koríko díẹ̀ àti omi. Àpò kílò 40 tó àgbò kan fún ọjọ́ 40. Mẹ́ta ló gbé àgbò rẹ̀ la ọ̀gbẹlẹ̀ já, láti oṣù Ọ̀pẹ dé Ẹrẹ́nà. Bó bá ti bu tòní tán, á tún fi ọwọ́ tẹ ọ̀rá náà, kí atẹ́gùn jáde, á sì so ó.