Gbogbo Alángbá Ló Danú Délẹ̀

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bí pátákó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ikọ̀ tó ń ṣe áàpù ṣe rí lónìí nìyẹn. Ẹ ṣí Jira wọn, káàdì ti kún abẹ́ `In Progress` fọ́fọ́, orúkọ ènìyàn sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí èyí tó ti há. Ọjọ́ tí ọ̀gá kó ikọ̀ jọ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni nǹkan ti wọ́. Ó dìde, ó fi bọ́tìnì hàn wọ́n, ó jókòó. Kò sófin kankan. Ta sì ni bọ́tìnì ṣòro fún? Ẹni tó bá ń lo Wasáàpù á mọ̀ ọ́n tẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Ohun tó ń dùn mí jù ni “ó kù díẹ̀.”

Mo wà nínú ikọ̀ kan tó ń ṣe áàpù táwọn òbí á fi máa san owó iléèwé. Káàdì kan wà níbẹ̀ pé kí rìsíìtì máa lọ sí í-meèlì òbí lẹ́yìn tí báńkì bá ti jẹ́rìí sí owó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbà á, ó fà á sí `In Progress` lọ́jọ́ Ajé. Láràárọ̀ ló ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó kù díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì wọlé, ó ṣì kù díẹ̀. Ọmọbìnrin tó yẹ kó dán an wò jókòó dè é, kò gba iṣẹ́ mìíràn. Ìgbà tí oníbàárà béèrè rìsíìtì ni àṣírí tú. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọkùnrin náà ti parí láti ọjọ́ Rú àkọ́kọ́. Kọ́kọ́rọ́ tí áàpù á fi bá ẹ̀rọ báńkì sọ̀rọ̀ ni kò ì dé, ẹni tó sì yẹ kó bá báńkì sọ ọ́ wà ní tábìlì kejì, kò gbọ́ nǹkan kan. Lóòótọ́ ló kù díẹ̀, àmọ́ díẹ̀ yẹn ò sí níkàáwọ́ rẹ̀.

Àrùn ni ọ̀rọ̀ yìí ti dà láàárín wa. Télọ̀ ní ó kù díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ ọdún, aṣọ ò sì tíì kan abẹ́rẹ́. Agbaṣẹ́ṣe ní ó kù díẹ̀ títí òjò fi wó ẹ̀gbẹ́ títì. Ọmọlúwàbí ìgbà kan, bó bá ní òun ń bọ̀ lọ́la, ẹ tẹ́ ẹní dè é. Ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀rọ̀ ẹnu sún ọjọ́ síwájú, tójú ò tì wá? Ẹ jẹ́ n padà sórí pátákó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó ikọ̀ jọ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á gbé káàdì kan tí wọ́n máa ṣe gan-an sójú gbogbo ènìyàn, á sì kọ ohun tó fẹ́ máa rí sábẹ́ rẹ̀. Ká ní rìsíìtì yẹn ni, á kọ ọ́ báyìí: “Rìsíìtì ti ń jáde lórí ẹ̀rọ mi. Ìdánwò pẹ̀lú báńkì ló kù. Kọ́kọ́rọ́ ni mo ń dúró dè, mo béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ Rú. Bí kò bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, màá gba káàdì mìíràn.” Lẹ́yìn náà á tẹ `Add flag`, kí àwọ̀ káàdì yí padà, kí ẹni tó wà ní tábìlì kejì lè rí i láìbéèrè. Iṣẹ́ tí kò gbà ju wákàtí kan lọ ò nílò gbogbo èyí.

Kó sọ ìgbà tá à ń kọ ọ́ pẹ̀lú: nígbà tí nǹkan bá yí padà ni, kì í ṣe òru ọjọ́ tí ìpàdé ku ọ̀la. Àyẹ̀wò rẹ̀ ò le. Jira ń pa ìtàn káàdì kọ̀ọ̀kan mọ́ lábẹ́ `History`. Bí ẹ bá rí i pé ìgbà tí ìpàdé bá kù sí dẹ̀dẹ̀ nìkan ni káàdì ń rìn, ìpàdé ni wọ́n ń múra fún.

Ọ̀rọ̀ `Done` náà ńkọ́? Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ fa káàdì síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó dán an wò ló ni ín, lẹ́yìn tó bá ti san owó ìdánwò, tó sì rí rìsíìtì nínú í-meèlì pẹ̀lú iye owó tó pé.

Òfin wọ̀nyí ò ní dúró bí ọ̀gá bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí Wasáàpù lóru. Kó sọ ọ́ lójú gbogbo ikọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹni tí iṣẹ́ bá bá lórí Wasáàpù lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè káàdì rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, ìbáà jẹ́ òun ọ̀gá ló fi ránṣẹ́.