Imú Ẹlẹ́dẹ̀ àti Páálí Òògùn

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní kíláàsì àgbà ìrọ̀lẹ́, ẹ má fi gbogbo a, b, d bẹ̀rẹ̀. Kí kálukú mú òfìfo páálí òògùn wá láti ilé. Iṣẹ́ ọjọ́ náà kò ju kí wọ́n wá EXP, kí wọ́n fi bírò yí i ká, kí wọ́n sì ka nọ́ńbà rẹ̀. Bó bá jẹ́ 08/2027, oṣù ló ṣáájú, ọdún ló kẹ́yìn. Òògùn náà ṣeé lò títí oṣù kẹjọ yóò fi parí.

MFG, ìgbà tí wọ́n ṣe é, ló ń ṣì wọ́n lọ́nà. Bí ìyá kan bá ní òògùn tuntun ti bàjẹ́, ẹ ní kó ka méjèèjì sókè, kó sọ èyí tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pààrọ̀ páálí: ẹni tó há tirẹ̀ sórí kò tíì mọ̀ ọ́n kà.