Orúkọ Mẹ́ta, Ìwé Ìrìnnà Kan: Èwo Ni Yóò Ṣáájú?

Láyé àtijọ́, àwọn baba wa ní Ṣábẹ kò mọ orúkọ ẹbí bí ìwé ìjọba ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ọmọ a máa ní orúkọ àbísọ àti oríkì, òmíràn a sì mú orúkọ tọ̀run wá. Bí a bá fẹ́ mọ ilé rẹ̀, a ó bi í pé ọmọ ta ni. Ìjọba amúnisìn ni ó ní kí orúkọ kan ṣoṣo máa dúró fún gbogbo ilé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin kan tí ó ní orúkọ mẹ́ta. Àjàyí ni ó mú tọ̀run wá, nítorí pé ó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i. Olúfẹ́mi ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ògúndélé ni baba baba rẹ̀ ń jẹ́, òun sì ni ó di orúkọ ẹbí. Ìwé tiwa, tí a fi èdè Faransé kọ, a máa béèrè orúkọ ẹbí ṣáájú. Bí ó bá kọjá sí Nàìjíríà, ìwé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ lè pe Ògúndélé kan náà ní orúkọ ìkẹyìn. Ẹni tí ó bá ń wo ipò nìkan yóò ṣìnà.

Ohun tí kì í yí padà ni ìlà tí ẹ̀rọ ń kà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tí àwòrán wà:

```
P<BENOGUNDELE<<AJAYI<OLUFEMI<<<<<<<<<<<<<<<<
```

`BEN` ni Bẹ̀nẹ̀. Orúkọ ẹbí ni ó tẹ̀ lé e, àmì méjì `<<` sì yà á kúrò lára àwọn orúkọ tí ó jẹ́ ti ẹni náà fúnra rẹ̀. Bí `AJAYI` bá ṣáájú àmì méjì yẹn, ẹ̀rọ yóò gbà pé ilé Àjàyí ni ó ti wá, bẹ́ẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ Ògúndélé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní láti fi hàn pé ọmọ baba kan ni wọ́n, ìwé yóò takò wọ́n.

Àwọn kan ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé Àjàyí ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Àwọn mìíràn kò fẹ́ kí orúkọ Ògún ṣáájú wọn nítorí ẹ̀sìn. A kò kẹ́gàn ìdí méjèèjì. Ṣùgbọ́n Àjàyí nìkan ni ó ni Àjàyí; Ògúndélé jẹ́ ti baba, ti àbúrò àti ti ọmọ tí a kò tíì bí. Ẹnì kan kò lè dá nìkan fi í pa mọ́ sẹ́yìn nígbà tí ó ń kọ ìwé ìrìnnà. Bí ó bá fẹ́ pa á dà, kí ó bá ẹbí sọ ọ́, kí ó sì gba ọ̀nà òfin.

Ìwé ìbí ni ìwé ìrìnnà ń tẹ̀ lé. Títí di ọdún 2021, òfin 2002-07 ti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004 ní kí ọmọ tí a bí sílé ọkọ máa jẹ́ orúkọ ẹbí baba rẹ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọjọ́ tí a ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú ni ó yẹ kí baba àti ìyá ti pinnu èwo ni yóò dúró fún ilé.