Ẹ Kú Ọjọ́ Mẹ́ta Ni Ọ̀rọ̀ Ìkíni-káàbọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí, tòsì la fi ń fà á mọ́ra. Bí ọdún tuntun bá wọlé, tí oníjímù kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ láti ṣí ìdíje ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló sábà máa ń nà sí wọn. Á ní lọ́dún yìí kò sí àwáwí. Á ní ẹni tó bá mọ̀ pé òun ò ní lè ṣe é dópin kó tètè máa lọ sílé. Èrò á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò, orin á dún. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní í pa ọjọ́ kankan jẹ ló ń bá wí, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì tó nǹkan nínú gbogbo èrò tó kún inú yàrá. Èrò tèmi ni pé ẹni tí yóò pa ọjọ́ kan jẹ gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ìkíni-káàbọ̀ dojú kọ. Kí a ti sọ fún un bí yóò ṣe padà wọlé, kó tó di pé ó pa ọjọ́ náà jẹ.

Kì í ṣe àánú lásán ni mo fi ń sọ èyí. Lọ́dún 2021, Katherine Milkman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde. Àwọn tó lé ní 61,000 tó ń lọ sí jímù ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì dán ètò oríṣiríṣi 54 wò lára wọn, ètò kọ̀ọ̀kan gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ohun tí wọ́n ń wá ni èyí tí yóò mú ènìyàn wá jù nínú gbogbo ètò náà. Èyí tó ta gbogbo wọn yọ ni èyí tó ń fún ẹni tó pa ọjọ́ kan jẹ ní ẹ̀bùn kékeré nígbà tó bá padà wá. Ẹ̀bùn ọ̀hún kò ju nǹkan bíi sẹ́ǹtì mẹ́sàn-án owó wọn lọ, owó tí ọ̀pọ̀ kò ní í bẹ̀rẹ̀ mú bí wọ́n bá rí i nílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tó wà lábẹ́ ètò yìí wá sí jímù ju àwọn tí kò sí lábẹ́ ètò kankan lọ pẹ̀lú ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò dá mi lójú pé owó ló fà wọ́n. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹnì kan ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ilẹ̀kùn kò tì, àti pé ojú ọ̀nà ni a ń wò fún wọn.

Ìwádìí mìíràn tún wà tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jáde ní 2010. Wọ́n ní kí ènìyàn 96 mú ohun kékeré kan, bí omi mímu lásìkò oúnjẹ tàbí eré ìdárayá díẹ̀, kí wọ́n máa ṣe é lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 84, kí wọ́n sì máa kọ bó ṣe ń mọ́ wọn lára tó sílẹ̀. Fún ẹni tó wà láàárín, nǹkan bí ọjọ́ 66 ló gbà kó tó mọ́ ọn lára. Ti ẹni tó yá jù jẹ́ ọjọ́ 18, ìṣirò sì fi hàn pé ti ẹni tó pẹ́ jù yóò tó ọjọ́ 254. Èyí tó kàn wá jù ni pé pípa ọjọ́ kan jẹ kò da àṣà tó ń wọra náà rú lọ́nà tó ṣe gbòógì. Ọjọ́ 21 tí àwọn tíréènà máa ń pariwo rẹ̀, ọ̀rọ̀ Maxwell Maltz ló ti ṣẹ̀, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1960 pé, ó kéré tán, bí ọjọ́ 21 ló máa ń gbà kí ojú tí òun tún ṣe tó mọ́ aláìsàn lára. Ti ojú ló ń sọ, kì í ṣe ti sùkúọ́ọ̀tì. Nítorí náà, kí oníjímù má ṣe dúró níwájú èrò kó ṣèlérí pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé, ó ti di bárakú nìyẹn. Ọjọ́ 42 ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nínú ìwádìí ti Milkman pàápàá, ètò tí ipa rẹ̀ ṣì hàn lẹ́yìn tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin parí kò ju ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kó sọ òtítọ́ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Kí ló tilẹ̀ ń mú ènìyàn pa ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ? Owó ilé ìwé ọmọ wà níbẹ̀ nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, gó-síló wà níbẹ̀, àmọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ oníjímù fúnra rẹ̀ ni ìrora. Ẹni tí kò ṣe eré ìdárayá kankan láti bí oṣù mẹ́ta, tó ti òde àríyá ọdún bọ́ sínú jímù, ni wọ́n máa ní kó bẹ̀rẹ̀ kó dìde nígbà ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kìíní, kí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ lè múná. Kò ní í mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni yóò mọ́ tí itan rẹ̀ yóò le gbagidi. Láàárín wákàtí 24 sí 72 ni ìrora irú èyí ń dé góńgó. Á máa fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á di ògiri mú kó tó lè jókòó. Ọjọ́ kẹta sì nìyẹn, ọjọ́ tó yẹ kó padà wá. Ẹni tí kò bá wá lọ́jọ́ náà kò ya ọ̀lẹ, ọwọ́ tí wọ́n fi gbà á lọ́jọ́ kìíní ló lé e lọ. Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Kí ọjọ́ kìíní jẹ́ ìjókòó-sórí-àga àti ìdìde lẹ́ẹ̀mẹjọ, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún ṣe mẹ́jọ, ó tó. Iṣan tó bá ti tọ́ iṣẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan kì í ro ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kejì, èyí sì ni ìdí tó fi yẹ kí ọ̀gá sọ ọ́ síta pé ìrora ọjọ́ kejì ń bọ̀ àti pé yóò lọ. Kó sọ èkejì mọ́ ọn: bí iṣan bá wú, tí kò lágbára mọ́, tí ìtọ̀ bá ṣú bíi kóòkù, kí onítọ̀hún má wá jímù, kó má sì lọ sọ́dọ̀ awọ́ra. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí iṣan tó fọ́ ti ń ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ dí kíndìnrín lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní bí a bá ń kí ẹni tó pa ọjọ́ jẹ káàbọ̀, ọ̀lẹ là ń bọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ká ní ìdíje náà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìgbà 18 lápapọ̀. Ẹni tó bá wá gba máàkì 10. Bó bá jẹ́ pé ó pa èyí tó kọjá jẹ, 12 ni yóò gbà lọ́jọ́ tó padà. Ẹni tó wá nígbà gbogbo ní 180. Ẹni tó pa ọjọ́ méjì jẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ń padà, wá lẹ́ẹ̀mẹrìndínlógún, ó ní 164. Ẹni tó bá ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ pa ọjọ́ jẹ nítorí máàkì méjì, mẹ́wàá ló ń sọ nù kó tó rí méjì náà. Kò sí ibi tí ọ̀lẹ ti jèrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin pé ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ ti jáde, ẹni tó ní 164 yìí lè ti parí ní ọ̀sẹ̀ kejì, kó sì máa wo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ti sanwó fún bó ṣe ń lọ. Oníjímù náà pàdánù, nítorí ẹni tó jáde ní Ṣẹẹrẹ kì í san owó oṣù Èrèlè.

Àwọn mìíràn á ní kílò ni àwọn ènìyàn wá sọ̀ kalẹ̀, wọn ò wá gba máàkì, kí a sì fi òṣùwọ̀n dá ẹni tó borí mọ̀. Ibí yìí ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fara balẹ̀. Ara ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ń di bíi gíráàmù omi mẹ́ta mọ́ra. Ẹni tó bá pa ẹ̀bà àti ìrẹsì tì fún ọjọ́ mélòó kan, ṣúgà yẹn á dín, omi á bá a lọ, òṣùwọ̀n á sọ kílò kan tàbí méjì kalẹ̀, ọ̀rá ara kò sì tíì yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ ìwọ̀n oúnjẹ kan níbi ìsọmọlórúkọ, omi náà á padà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí òṣùwọ̀n bá dúró gbagidi, á rò pé òun ti kùnà, ojú á tì í, kò ní í wá mọ́. Nígbà tí ọjọ́ ẹ̀bùn bá sì kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn kan kì í mu omi láti alẹ́ àná, nínú ọyẹ́ tó ti gbẹ ọ̀nà ọ̀fun tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọn ara rẹ̀ lè wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láàárọ̀, ní kọ̀rọ̀. Kí wọ́n má kọ ọ́ sára ògiri.

Àtakò tó kù ni pé ọjọ́ ìkíni-káàbọ̀ kì í ṣe ọjọ́ òfin, kí a fi ìyẹn sórí Wáàsáàpù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó, ìgbà tí a sọ ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tó ń sọ ọ́ di rere. Bí ọ̀gá bá sọ lọ́jọ́ kìíní pé, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Púpọ̀ nínú wa ló máa pa ọjọ́ kan jẹ. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣàlàyé fún mi, ẹ ṣáà wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e," kò sí ẹni tó bú. Bó bá sọ gbólóhùn kan náà lọ́sẹ̀ kẹta sí ìyá kan tí kò wá láti ọjọ́ mẹ́rin, lójú gbogbo èrò, ìyá náà á gbọ́ ọ bí èébú. Èdè wa ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ náà. Ẹni tí a kò rí fún ìgbà díẹ̀, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" là ń kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́ta. A kì í bi í níbi tó ti ń bọ̀, a kì í wo ikùn rẹ̀. Nínú jímù, "Ṣé ẹ ti wá rántí wa?" ló máa ń gbọ́, tàbí "Ẹ tún ti sanra o!" Nítorí náà, kí ọ̀gá rí i pé ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń gba owó, tó ń kọ orúkọ, wà nínú yàrá nígbà tí òun ń sọ̀rọ̀, kó sì fi ìkíni náà lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Ìwé owó oṣù lè dúró títí ẹni tó padà dé yóò fi gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀.