ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: NÍGBÀ TÍ WỌ́N BÁ RÁN ÀWỌN ÀGBÀ WÁ TỌRỌ ỌMỌ

  

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 24:1-61 àti Jẹ́nẹ́sísì 34:1-26

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa máa ń bèèrè, pàápàá lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, láti Àtìkòrí títí dé Agó-Ìwòyè. Wọ́n á ní: "Ajíhìnrere, arákùnrin yẹn ti rán àwọn ẹbí ẹ̀ wá sílé wa o. Ṣé kí n gbà pé kò bá mi ṣeré ni, àbí ó fẹ́ fi àwọn àgbà tì mí mọ́ ògiri ni?"

Àwọn ìyá wa sábà máa ń dá wọn lóhùn kíákíá pé ọkùnrin tí kò bá fẹ́ ọ kò ní rán bàbá ẹ̀ sí bàbá rẹ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkùnrin tó ń fi fóònù pè ọ́ jáde ní kọ̀rọ̀ lálaalẹ́ kò tíì fi nǹkan kan dúró. Èyí tó rán ẹbí wá ti fi orúkọ ilé wọn sílẹ̀ nílé yín. Bó bá ṣìwà hù lọ́la, ẹ mọ ẹni tí ẹ máa pè. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi ń lo alárinà, tí wọ́n sì ń ṣe ìwádìí kí ẹnikẹ́ni tó jọ́hẹn.

Àmọ́ ìdáhùn yẹn kò pé. Ẹ jẹ́ ká wo ibi méjì tí wọ́n ti rán àgbàlagbà lọ tọrọ ọmọ nínú Bíbélì kan náà, ìwé kan náà, tí ọ̀rọ̀ wọn kò sì jọra rárá.

Ti àkọ́kọ́ ni ti ìránṣẹ́ Ábúráhámù. Kó tó kúrò nílé, ó bi ọ̀gá rẹ̀ ní ìbéèrè kan: bí obìnrin náà bá ní òun kò bá òun wá ńkọ́? Ábúráhámù kò bínú. Ó dá a lóhùn pé bí obìnrin náà kò bá fẹ́, ìbúra náà ti kúrò lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ ń gbọ́ mi? Àyè láti kọ̀ ti wà nínú iṣẹ́ náà kí ràkúnmí mẹ́wàá yẹn tó gbéra nílé rárá.

Nígbà tó dé ilé Rèbékà, wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Ó ní àfi kí òun kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán òun. Ó sọ ẹni tó rán an, ó sọ nípa ọmọ náà, ó sọ bí òun ṣe pàdé ọmọbìnrin náà létí kànga. Ó wá bẹ̀ wọ́n pé bí wọ́n bá gbà, kí wọ́n wí, bí wọn kò bá sì gbà, kí wọ́n wí, kí òun lè mọ ibi tí òun máa yà sí. Lẹ́yìn tí Lábánì àti Bétúẹ́lì gbà tán ló tó kó ẹrù fún arákùnrin Rèbékà àti fún ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara ń kán ìránṣẹ́ yẹn láti padà. Ẹbí ní kó fún àwọn ní bí ọjọ́ mẹ́wàá sí i, ó ní rárá. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n pe ọmọbìnrin náà, wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ bá ọkùnrin yìí lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn pé òun á lọ. Ẹ ṣàkíyèsí i pé àwọn ọkùnrin ilé ti fọwọ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbéra títí ọmọbìnrin náà fi la ẹnu.

Ẹ wá wo ìkejì, ti Dínà ọmọ Jákọ́bù. Ṣékémù, ọmọ ọba ìlú náà, mú un, ó sì bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí Hámórì bàbá òun lọ bá òun tọrọ rẹ̀. Bàbá lọ lóòótọ́. Wọ́n ṣèlérí ilẹ̀ àti òwò fún ilé Jákọ́bù. Ṣékémù ní kí wọ́n dá iye tó bá wù wọ́n lé òun lórí, òun á san án.

Ará, ibí yìí ni kí ẹ ti dúró díẹ̀. Ṣékémù kò ṣeré. Bíbélì sọ pé ọkàn rẹ̀ fà mọ́ ọmọbìnrin náà, àti pé nígbà tí wọ́n ní kó kọlà, kò fi falẹ̀. Bó bá jẹ́ ká mọ ẹni tó fẹ́ ni lóòótọ́ là ń wá, ó yege. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohùn Dínà níbì kankan nínú orí náà. Ẹsẹ kẹrìndínlọ́gbọ̀n sì fi yé wa pé ilé Ṣékémù ló wà ní gbogbo àsìkò tí wọ́n ń dúnàádúrà. Báwo ni bàbá ṣe máa sọ pé rárá nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọrọ rẹ̀? Ìjà àti ẹ̀jẹ̀ ló gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí náà, "ṣé ó fẹ́ mi lóòótọ́?" kọ́ ni ìbéèrè tó yẹ ká bèèrè. Ọkùnrin lè fẹ́ ọ tọkàntọkàn kó sì tún máa fipá mú ọ. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: ṣé iṣẹ́ tí àwọn àgbà yìí wá jẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún mi láti sọ pé rárá, tàbí pé kò tíì yá?

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ká ní ọmọbìnrin kan wà ní Àtìkòrí tó ń ránṣọ. Arákùnrin kan tó pàdé níbi ìgbéyàwó ní Agó-Ìwòyè sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó ní kó jẹ́ kí òun gbàdúrà sí i títí Ọdún Àjíǹde. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, èèyàn márùn-ún sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé wọn, pẹ̀lú iṣu, èso àti páálí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹni tó ṣíwájú wọn ni alága ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ìyá ọmọbìnrin náà jẹ lówó. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, inú rẹ̀ sì ń lù kìkì.

Nǹkan mẹ́ta ló yẹ kí ilé yẹn wò. Èkíní, ìdáhùn wo ni ọmọ ti fún ọkùnrin náà kí wọ́n tó wá? Bó bá ti ní "bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wá rí àwọn òbí mi", àwọn àgbà wá fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ni. Bó bá ti ní "dúró ná", tí wọ́n sì dé, wọ́n wá yí ìdáhùn rẹ̀ padà ni. Èkejì, ta ni wọ́n rán? Ẹ̀gbọ́n bàbá tó mọ ìwà ọmọ wọn, tó lè dáhùn bí ẹ bá bèèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀, ìlera rẹ̀, àti bóyá ó ní ìyàwó tàbí ọmọ níbì kan, ẹni tó yẹ nìyẹn. Àmọ́ ẹni tí ẹ jẹ lówó, tàbí onílé yín, tàbí ọ̀gá ibi iṣẹ́, tàbí pásítọ̀ tí ẹ kò lè wo ojú rẹ̀ kí ẹ kọ̀, ẹ béèrè ìdí tó fi jẹ́ òun ni wọ́n yàn. Ẹ̀kẹta, ẹrù wo ló ṣáájú ìdáhùn? Ìránṣẹ́ Ábúráhámù dúró kí ilé gbà kó tó kó ẹrù fún wọn.

Báwo ni kí ilé náà ṣe é láìfi ìwọ̀sí lọ ẹnikẹ́ni? Kí wọ́n fún àlejò ní ìjókòó àti omi. Kí àbúrò bàbá rọra bèèrè pé: "Ẹ̀yin àgbà, ṣé ọmọ wa mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ lónìí?" Kí ẹ̀gbọ́n obìnrin kan mú ọmọ wọ yàrá, kó bi í lóun nìkan. Ẹ má bi í láàárín pálọ̀ tí gbogbo ojú ń wò ó, tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yín. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kò ní lè kọ̀ níbẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé ó ti jọ́hẹn.

Lẹ́yìn náà kí wọ́n sọ pé: "A gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ jẹ́, ẹ ṣeun. Ọmọ wa ti tọrọ àkókò, a sì fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé ẹrù yín padà, kì í ṣe ìjà. Àwa la ó ránṣẹ́ sí i yín." Kí ìyá sì mọ̀ pé gbèsè ni gbèsè ń jẹ́, owó la fi ń san án.

Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló máa sọ irú ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́. Ó lè jẹ́ pé ìyá tirẹ̀ ló ń kán an lójú. Bó bá pe ọmọbìnrin náà tó ní "má bínú, mi ò bá ti dúró", tó sì dúró lóòótọ́, ó ṣeé bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ní "o dójú ti àwọn àgbà mi", tí alága sì ń ránṣẹ́ pe ìyá nítorí owó, ẹ ti rí ìdáhùn. Ọkùnrin tí kò lè gba "dúró ná" kí ó tó fẹ́ ọ, kí lo máa lè kọ̀ fún un nígbà tí o bá ti wà nínú ilé rẹ̀?

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá mọ èyí. Òfin tó wà lórí ọ̀ràn ìgbéyàwó láti ọdún 1970 sọ pé ìgbéyàwó lábẹ́ òfin tí wọ́n fi ipá gba "bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́nu ẹnì kan kì í ṣe ìgbéyàwó rárá.

Ẹ̀yin àgbà tí wọ́n ń rán, bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ bi ọmọ yín pé kí ni ọmọbìnrin náà sọ fún un. Bí ojú bá sì mojú tán, alárinà á yẹ̀bá. Gbogbo wa la máa padà sílé wa. Ọmọbìnrin yẹn nìkan ni kò ní padà.

Àdúrà: Olúwa, fún àwọn ọmọbìnrin wa ní ẹnu láti sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, kí o sì fún àwa òbí ní etí láti gbọ́ ọ kí a tó dá àlejò lóhùn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.