Ta Ló San Owó Ìgò Oògùn Náà?

Ní ìpàdé ẹ̀kọ́ Bíbélì wa ní ọjọ́ Ẹtì kan, ẹni tó darí wa sọ ìtàn Háínsì fún wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Lọ́rẹ́ńsì Kólíbẹ́gì, ló máa ń fi ìtàn náà wádìí bí ọmọ ènìyàn ṣe ń ronú lórí ohun tó tọ́. Ìyàwó Háínsì ń kú lọ. Oògùn kan ṣoṣo ló lè gbà á là, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́wàá iye tí oògùn náà ná apoògùn ló ń béèrè. Gbogbo owó tí Háínsì yá kò ju ìdajì lọ. Apoògùn ní òun kò gbà. Háínsì bá fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lóru. Ṣé ó ṣe dáadáa?

Ọ̀pọ̀ wa gbé ọwọ́ sókè pé kò ṣe dáadáa, a gbàdúrà, a túká. Àwọn méjì kò túká. Mo bá wọn jókòó lórí bẹ́ńṣì iwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì títí iná fi lọ. Wọ́n gbà kí n kọ ohun tí wọ́n sọ, bí n kò bá ti dárúkọ wọn gan-an. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan ní Túndé, ó wà ní ọdún karùn-ún nínú ẹ̀kọ́ oògùn. Ẹ jẹ́ ká pe èkejì ní Bùkọ́lá, ọdún kejì, ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì.

BÙKỌ́LÁ: Bùrọ̀dá Túndé, wọn ò tíì bi wá tán tẹ́ ẹ ti nawọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa di apoògùn!

TÚNDÉ: Torí pé mo máa di apoògùn náà ni. Òfin kẹjọ kò ní “àyàfi” nínú. Wo Ẹ́kísódù 20, ẹsẹ 15, bóyá wàá rí i níbẹ̀.

BÙKỌ́LÁ: Òfin kẹfà náà kò ní in. Bí ènìyàn mi bá ń kú, tí ohun tó lè gbà á là sì wà nínú fíríìjì níwájú mi, tí mo wá káwọ́ lẹ́yìn, ṣé ọwọ́ mi mọ́?

TÚNDÉ: Àìsàn ló pa á, ìwọ kọ́.

BÙKỌ́LÁ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi Háínsì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni mo fẹ́ sọ.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́.

BÙKỌ́LÁ: Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ejò bu bàbá mi kékeré ṣán lẹ́sẹ̀ ní oko wọn lápá Kàyìnjì. Paramọ́lẹ̀ kékeré ni, irú èyí tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ, tó ń fi ìpẹ́ ha ìpẹ́ kó lè dún. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀kadà gbé wọn dé ilé ìwòsàn kékeré kan. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ mọṣẹ́. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára wọn, ó dà á sínú ìgò gíláàsì tó mọ́ tó sì gbẹ, ó gbé e kalẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún 20 ìṣẹ́jú. Nígbà tó dojú ìgò náà délẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣàn bí omi. Kò dì rárá. Èrìgì wọn náà ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní oró ejò ti run ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, pé oògùn apa-oró nìkan ló lè dá a dúró, pé àwọn kò sì ní in. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi sáré lọ rà á nílùú.

TÚNDÉ: Ó rí i rà?

BÙKỌ́LÁ: Ó rí i. ₦50,000 ni wọ́n ń tà á. ₦23,000 ló wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọbìnrin kan ló ń bá wọn tajà níbẹ̀. Ó ti gbé ìgò náà jáde láti inú fíríìjì, ó ti kó yìnyín sí i. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní ọ̀gá òun kò sí nílé, wọn kì í sì tàwìn. Bó ṣe yíjú sí oníbàárà mìíràn báyìí, ẹ̀gbọ́n mi kó ₦23,000 sórí tábìlì, ó gbé ìgò náà, ó fò sórí ọ̀kadà. Nígbà tó di wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n fún wọn lóògùn, nọ́ọ̀sì tún dán ẹ̀jẹ̀ wò. Ó dì. Ẹ̀wà tẹ́ ẹ jẹ nílé wa lọ́jọ́ Àìkú yẹn, bàbá mi kékeré ló gbìn ín. Ó yá, ẹ sọ fún mi pé kò yẹ kó ṣe é.

Túndé kò sọ ọ́. Ohun tó bi í ni pé ìgò mélòó ni wọ́n lò. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń sá fún ọ̀rọ̀ ni.

BÙKỌ́LÁ: Ọ̀kan.

TÚNDÉ: Á jẹ́ pé èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún oró ejò yẹn ni. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ìgò mẹ́ta ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní sèbé ló bu bàbá yín ṣán ńkọ́? Ìgò tí ẹ̀gbọ́n rẹ gbé sá yẹn kò ní ṣe nǹkan kan fún un. Oògùn yẹn fúnra rẹ̀ sì lè dìde sí ara ẹlòmíràn, kí ọ̀fun rẹ̀ dí, kí ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀, àfi bí abẹ́rẹ́ adirenalíìnì bá wà nítòsí. Ìdí tí mo fi béèrè nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó máa sọ pé torí ẹ̀mí lòun ṣe jalè, kò mọ̀ bóyá ohun tó jí máa gba ẹ̀mí náà là. Ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀, torí nọ́ọ̀sì ti dán an wò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Mo gba ìyẹn fún un.

BÙKỌ́LÁ: Ẹ ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní kíláàsì wa, a kọ́ nípa Tọ́másì Àkúínásì, àlùfáà tó kú ní 1274. Ó ní ìtọ́jú ọmọ ènìyàn ni Ọlọ́run torí rẹ̀ dá ohun ayé. Èyí-tèmi-èyí-tìrẹ tí a pín in sí, ètò àwa ènìyàn ni, kò sì gbọ́dọ̀ dènà ohun tí Ọlọ́run torí rẹ̀ dá a. Bí àìní bá ti le, tó hàn sí gbogbo ojú, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn, ó ní ẹni tó bá mú ohun ẹlòmíràn láti fi yọ ara rẹ̀ tàbí ọmọnìkejì rẹ̀ kò jalè. Kì í ṣe pé ó jalè tá a wá dárí jì í o. Kò jalè rárá ni.

TÚNDÉ: Tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní fóònù lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà?

BÙKỌ́LÁ: Ó ní in.

TÚNDÉ: Ó tó ₦27,000?

BÙKỌ́LÁ: Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

TÚNDÉ: Kí ló dé tí kò fi í dógò?

Bùkọ́lá kò fèsì fún ìgbà díẹ̀. Níkẹyìn ó ní òun ti bi ẹ̀gbọ́n òun bẹ́ẹ̀ rí, ohun tó sì sọ ni pé kò wá sí òun lọ́kàn. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn bí omi nínú ìgò yẹn nìkan ni òun ń rí. Lójú tèmi, Túndé yára jù níbi yìí. Ó rọrùn fún ẹni tó jókòó lórí bẹ́ńṣì láti rántí ìdógò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò ṣeé gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí bí fóònù bá wà, ọ̀nà mìíràn wà nìyẹn, Àkúínásì kò sì lè gbèjà ẹ̀gbọ́n Bùkọ́lá tán.

BÙKỌ́LÁ: Dáfídì ńkọ́? Ó jẹ àkàrà tí kò tọ́ sí i nígbà tí ebi ń pa á, Jésù sì fi gbèjà àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú Mátíù 12.

TÚNDÉ: Dáfídì kò jí i. Tún Sámúẹ́lì Kìíní 21 kà. Ó béèrè, àlùfáà Áhímélékì sì fún un. Àmọ́ ó purọ́ fún un pé iṣẹ́ ọba lòun ń jẹ́. Ṣé o rántí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ní orí 22? Wọ́n pa àlùfáà 85 ní ọjọ́ kan, Dáfídì sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun fà á. Kò sọ pé kò yẹ kóun jẹun o. Ẹni tó fún un lóúnjẹ ni gbèsè rẹ̀ wó lé lórí.

BÙKỌ́LÁ: Ta wá ni gbèsè ti ẹ̀gbọ́n mi wó lé lórí? Onísọ́ọ̀bù olówó? Òwe 3, ẹsẹ 27 sí 28 ní ká má ṣe fawọ́ oore sẹ́yìn nígbà tó wà ní ìkáwọ́ wa, ká má sọ fún aládùúgbò pé kó padà wá lọ́la. Òun ló kọ́kọ́ ṣẹ̀.

TÚNDÉ: O ní ọmọbìnrin kan ló ń tajà. Ṣé ó wà ní ìkáwọ́ tiẹ̀? Mo ti ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn nígbà ìsinmi, jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nírọ̀lẹ́, a máa ka ọjà, a máa ka owó. Bí ìgò kan kò bá sí, tí owó rẹ̀ kò sì pé, ọ̀gá kì í wá ẹni tó gbé e sá lọ. Ó máa ń yọ ọ́ lára owó oṣù ẹni tó dúró sí ìdí tábìlì. Bí owó ọ̀hún bá pọ̀, ó lè lé e. ₦27,000 fún ọmọ tó ń tajà ní ìlú kékeré, Bùkọ́lá! Bàbá yín wà láyé, mo yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló san owó ìyókù, kì í sì í ṣe olówó tí ẹ̀ ń bá jà.

Bùkọ́lá ní òun kò ronú kan ọmọbìnrin náà rí. Láti ọdún méjì tí wọ́n ti ń sọ ìtàn náà nílé, tí wọ́n ń fi í dúpẹ́, kò sí ẹni tó bèèrè rẹ̀.

BÙKỌ́LÁ: Síbẹ̀, bí ejò bá bù wọ́n ṣán lónìí, tí kò sí fóònù, tí kò sí ẹni tí mo lè bẹ̀, màá gbé e. N kò lè purọ́ fún yín.

TÚNDÉ: N kò lè búra pé n kò ní gbé e.

BÙKỌ́LÁ: Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́wọ́ sókè!

TÚNDÉ: Mo gbé e sókè, mi ò sì tíì sọ ọ́ kalẹ̀. Òwe 6, ẹsẹ 30 àti 31 ni mo dì mú. Ó ní àwọn ènìyàn kì í kẹ́gàn olè tó jalè nítorí ebi. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, yóò san án ní ìlọ́po méje, àní bó bá máa kó gbogbo ohun ilé rẹ̀. Méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ká ní ohun tó ṣe kì í ṣe olè rárá, bí Àkúínásì ṣe wí, kí ló máa san? Ká ní ó burú pátápátá, kí ló dé tí wọn kò kẹ́gàn rẹ̀? N kò kẹ́gàn ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọdún méjì tó kọjá tí kò padà síbẹ̀ ni n kò lè gbèjà. Ejò kọ́ ló ń lé e bọ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

BÙKỌ́LÁ: Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló ń bà á.

TÚNDÉ: Ó yẹ kó bà á. Kó mú pásítọ̀ wọn dání, tàbí bàbá yín kékeré fúnra wọn. Kí wọ́n jọ lọ.

Bùkọ́lá yọ fóònù rẹ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá, mo rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní gbé e. Ó gbé e. Bùkọ́lá kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì, kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àkúínásì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú alẹ́. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbi tẹ́ ẹ ti gbé oògùn yẹn, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?”

Ó pẹ́ kí ohùn tó wá láti ọ̀hún. A gbọ́ ọ torí pé gbogbo àyíká ti dákẹ́. Ó ní, “Oṣù tó tẹ̀lé e ni mo gba ibẹ̀ kọjá. Ẹlòmíràn ni mo rí nídìí tábìlì.”